Ọmọ Mẹ́ta Ló Wà Nílé Ìyá Ìbejì

Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra kí ẹ jókòó. Ẹ má wẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ wa. Ọ̀rọ̀ ilé Ìyá Tọ́lání ni mo fẹ́ sọ, ẹ má sì pè mí ní olófòófó, nítorí gbogbo ẹ̀ ló ṣojú mi. Ẹnu ọ̀nà agbolé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Aṣọ ọmọ tuntun, páńpásì, pọ́dà, bàsíà àti ìbọ̀sẹ̀ ni mo ń tà. Kò sí bí àlejò ṣe fẹ́ wọlé lọ kí ìyá ọmọ tí kò ní gba iwájú mi kọjá, ohun tó bá sì wà nínú ọ̀rá tó gbé dání, lọ́pọ̀ ìgbà ọwọ́ mi ló ti rà á. Èyí tí kò bá rà lọ́wọ́ mi, mo máa ń bi í léèrè pé kí ni. Ìbéèrè ò lówó orí.

Ìgbó-Ọrà la wà, ìbejì kì í ṣe tuntun lójú wa. Òyìnbó ti wá síbí, oníròyìn ti wá, wọ́n ń bi wá pé kí la ń jẹ tí ìbejì fi pọ̀ tó báyìí. Àwọn àgbà ní àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa ni, àwọn dókítà ní àwọn ò tíì rí ẹ̀rí ẹ̀. Láti 2018 ni ìlú sì ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì, tí Táíwò àti Kẹ́hìndé lọ́mọdé lágbà á wọ aṣọ kan náà, tí gbogbo títì á kún. Èmi tí ẹ ń wò yìí jẹ ìlasa títí ètè mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń bí wọn. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀, ẹjọ́ mi àti Elédùà nìyẹn.

Ìyá Tọ́lání wá bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Alẹ́ ló bí wọn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí kò fi sí ẹnì kan nínú agbolé yìí tó tún pè é ní Ìyá Tọ́lání mọ́. Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ. Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire. Ọkọ ẹ̀ pàápàá, tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní iwájú òpópó, ó dé, ó ní, “Ìyá Ìbejì, oúnjẹ dà?” Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Tọ́lání. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́. Láti ọjọ́ tó ti mọ nǹkan, orúkọ tiẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìyá ẹ̀. Òru kan ṣoṣo, wọ́n gbà á, wọ́n gbé e fún àwọn méjì tí kò tíì lè la ojú.

Ó sì ní nǹkan kan tí mo máa ń rò tí mo bá jókòó tí ọjà ò yá. Ọmọ tó bá tẹ̀lé ìbejì, Yorùbá ti ní orúkọ nílẹ̀ fún un, Ìdòwú. Èyí tó tẹ̀lé Ìdòwú, Àlàbá. Ẹ̀yìn Àlàbá, Ìdògbé. Àwọn ìbejì fúnra wọn, a ti parí ẹjọ́ ta ni ẹ̀gbọ́n: Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni àgbà, òun ló rán an kó lọ tọ́ ayé wò. Gbogbo wọn la tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó ti wà nílé kí àwọn wọ̀nyí tó dé ńkọ́? A ò fún un ní nǹkan kan. Àǹtí wọn tó wá láti Abẹ́òkúta ló ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé àti Táíwò yìí fún Tọ́lání lọ́jọ́ kẹta. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán, ó ronú, ó ní, “Èmi ńkọ́, ta ló rán èmi?” Àǹtí wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní kó lọ wo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Àwọn àlejò wá ń wọlé. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe fún ìbejì: ohun gbogbo méjì-méjì, kí ìkan má bàa bínú. Fìlà méjì. Ṣọ́ọ̀lù méjì. Tí wọ́n bá fẹ́ fún wọn lówó, owó kan láyà Táíwò, owó kan láyà Kẹ́hìndé, kò gbọ́dọ̀ ju ara wọn lọ. Tọ́lání á lọ dúró níwájú, á na ọwọ́. Wọ́n á fọwọ́ pa á lórí, wọ́n á ní, “Ìwọ ti dẹ̀gbọ́n, má yọ ìyá ẹ lẹ́nu o.” Èyí ni gbogbo ohun tó gbà lọ́jọ́ márùn-ún àkọ́kọ́. Mo mọ̀, nítorí èmi ni mo ta àwọn fìlà yẹn.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n wá fìlà Táíwò kan tì. Inú gààrí ni wọ́n ti bá a. Ọmọ tó ti kúrò lórí ìtọ̀ ẹní láti ọdún tó kọjá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní. Ó ní òun náà fẹ́ mu ọmú. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù, tí mo sì ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá ra páńpásì, ni bó ṣe wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní, “Ìyá, ẹ kú ọjà. Ẹ fún mi ní bisikíìtì, kí ẹ gba Táíwò.” Mo ní ṣé Táíwò nìkan? Ó ní ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé dúró ná, òun kì í sunkún púpọ̀. Mo fún un ní bisikíìtì. Mo ní kó fi Táíwò sílẹ̀ fún màmá ẹ̀ títí màá fi rí ààyè.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn ẹbí gbọ́ tí olúkúlùkù wá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀bùn fún Tọ́lání. Ẹ wò ó, ẹ̀bùn tó burú pọ̀ ju ẹ̀bùn tó dára lọ láyé yìí, mo sì wà nínú òwò náà.

Bàbá ẹ̀ ló kọ́kọ́ dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, pupa fòò, owó gidi ló ná lé e. Ọmọ dunnú títí ó fi fẹ́ fò. Ó gun orí ẹ̀, ó ní kí wọ́n ti òun. Ta ló máa tì í? Ìyá ẹ̀ ti gbé ọmọ méjì sáyà, bàbá ẹ̀ ti padà síbi iṣẹ́, ìyá àgbà ń se omi ìwẹ̀. Ọmọ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ké, “Ẹ tì mí o!” Ẹ̀bùn tí ó yẹ kó mú un gbàgbé pé kò sẹ́ni tó ráyè fún un wá di ohun tó ń rán an létí láàárọ̀ lálẹ́. Kẹ̀kẹ́ ò burú o. Àkókò ẹ̀ ni ò tíì tó. Ìgbà tí àwọn ọmọ bá ti pé oṣù mélòó kan, tí bàbá lè ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀, ìgbà yẹn ni kẹ̀kẹ́.

Àǹtí Abẹ́òkúta, ojú ń tì í nítorí ọ̀rọ̀ ta-ló-rán-èmi, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun ò ní ya ọmọ kankan sọ́tọ̀ mọ́. Ó ra fídà mẹ́ta, àwọ̀ kan náà. Mo ní, “Àǹtí, ọmọ ọdún mẹ́rin kẹ̀?” Ó ní kí gbogbo wọn dọ́gba ni. Ó dáa, mo tà á. Nígbà tó fi di ọjọ́ Àìkú, Tọ́lání ò mu omi nínú ife mọ́. Fídà ló ń mu, ó ń dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹní láti mu ún, ó sì ń bèèrè pé ta ni yóò gbé òun pọ̀n. Ẹni tí ẹ bá fún ní ẹrù ìkókó, ìkókó ló máa dà. Ohun tí ìbejì gbà kọ́ ni kí ẹ̀gbọ́n wọn gbà, ohun tó yẹ ẹ̀gbọ́n ni.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tiẹ̀ gba ọ̀nà kejì, ó fẹ́ kí ọmọ dàgbà lójijì. Bàsíà kékeré kan àti ọṣẹ ló rà, ó ní Tọ́lání á máa fi bá ìyá ẹ̀ fọ aṣọ àwọn àbúrò. Ọjọ́ kìíní, eré ni. Ọjọ́ kejì, “Tọ́lání, gbé bàsíà ẹ wá.” Ọjọ́ kẹta, “Tọ́lání, mú páńpásì wá, Tọ́lání, da èyí nù, Tọ́lání, dákẹ́ ariwo.” Ọmọ gbé bàsíà lọ sẹ́yìnkùlé, ó dojú ẹ̀ dé, ó jókòó lé e. Ẹ̀bùn tó bá ti ní iṣẹ́ lábẹ́, ọmọdé máa ń gbóòórùn ẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn tí kò ṣe é mú ni ẹranko onírun kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Tí ẹ bá tẹ ikùn ẹ̀, á kọrin. Ó kọrin, ìbejì jí. Ó tún kọrin, ìbejì tún jí. Ìyá àgbà ní kí wọ́n jù ú sínú kànga. Nígbà tí bàbá Tọ́lání tú ikùn ẹ̀ láti yọ orin náà kúrò, bátìrì pẹlẹbẹ kan ló jábọ́, ó dà bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù, ó ń dán. Ẹ fetí sí mi dáadáa níbí, mi ò ṣe àpárá mọ́. Bátìrì pẹlẹbẹ yẹn, tí ọmọ bá gbé e mì, tó há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ẹran inú ibẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, ẹ má dúró wò ó pé bóyá á bá ìgbẹ́ jáde. Nínú ilé tí ọmọ ọwọ́ bá wà, ohun ìṣeré tí ilé bátìrì ẹ̀ ò bá ní ìdè tí wọ́n fi ń dè é pa, mi ò ní tà á fún yín, bó wù kí owó dùn mọ́ mi tó.

Ìyá Tíṣà ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ẹ mọ̀ ọ́n, obìnrin tó kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé alájà kan tó kọjú sí wa, tí kì í yá ẹnikẹ́ni ní ìgbálẹ̀ ẹ̀. Ó wá kí ìyá ọmọ, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò ṣe ju kó máa wo Tọ́lání lọ. Nígbà tó jáde, ó yà sọ́dọ̀ mi, ó ní, “Ọmọ yìí kì í sunkún nígbà tí àlejò bá wọlé. Ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ sọ́mú ló ń sunkún.”

Ẹ ò rí i, gbogbo wa ti ń wo àlejò. Nọ́ọ̀sì á ní kí ìyá fún ọmọ tuntun lọ́mú bí ìgbà mẹ́jọ sí ìgbà méjìlá láàárín ọjọ́ kan àti òru kan. Ti ọmọ kan nìyẹn. Méjì ni tiwa, ọ̀kan á mu tán, èkejì á bẹ̀rẹ̀. Ìyá Tọ́lání kì í kúrò lórí ibùsùn náà. Gbogbo ìgbà yẹn, ọwọ́ ẹ̀ ò sí, àyà ẹ̀ ò sí, itan ẹ̀ méjèèjì ti ní onílé. Ìyá Tíṣà ní, “Ẹ̀bùn tí ẹ bá máa rà, ìgbà ọmú ni kí ẹ rà á fún.”

Ó ní kí n wá páálí mílíìkì kan tó ní ìdérí. Mo wá a. Ó ní kí n má fi nǹkan kan sínú ẹ̀ ju ohun tí ọmọ lè jókòó ṣe ní ẹ̀gbẹ́ itan ìyá ẹ̀, tí kò ní pariwo, tí kò sì ní béèrè ọwọ́ ìyá ẹ̀. Ẹnu ìyá ẹ̀ nìkan ló ṣófo, ó ní ẹnu náà ni ká lò. Lẹ́yìn náà ó bèèrè páálí roboto tó máa ń kù nínú tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohunkóhun tó bá kọjá nínú ihò ẹ̀, kò wọlé. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ ọdún mẹ́rin kì í gbé nǹkan mì mọ́.” Ó ní òun kọ́ ló máa gbé e mì, àbúrò ẹ̀ ló máa fi bọ́. Mi ò ní ọ̀rọ̀ sọ, nítorí wọ́n ti gba ẹ̀pà kan lọ́wọ́ Tọ́lání lọ́jọ́ kejì, ibi tó ti ń wá ẹnu Kẹ́hìndé ni wọ́n ti mú un. Bí wọ́n ṣe yọ ọmọ ayò kúrò nìyẹn, tí wọ́n yọ ìlẹ̀kẹ̀ kúrò, tí bàlúùnù náà sì tẹ̀lé wọn, nítorí tí bàlúùnù bá bẹ́, àfọ́kù ẹ̀ lè bo ọ̀nà èémí ọmọdé pa.

Èmi wá mú ọmọlangidi kan sílẹ̀ látinú ọjà mi. Mo mọ ọjà mi. Ìyá tó bí ọmọ tuntun, ẹ ra ọmọlangidi fún ẹ̀gbọ́n kó máa wẹ̀ ẹ́, kó máa pọ̀n ọ́n, gbogbo ayé ló ń ṣe é báyìí. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Ìyá àgbà wò ó, ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní, “Gbé e jáde kúrò nílé yìí kí n tó ka méjì.” Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀. Láyé àtijọ́, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère ìbejì, wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fún un lóúnjẹ. Nígbà tó yá, àwọn kan tiẹ̀ ń lo ọmọlangidi oníke tí wọ́n rà lọ́jà dípò ère. Lójú ìyá àgbà, ọmọlangidi nílé ìbejì, ẹnì kan ló kú. Mo gbé e jáde. Kò sí ẹ̀bùn tó dára níbi gbogbo, ẹ kọ́kọ́ bi àgbà ilé léèrè.

Ìyá Tíṣà ò jiyàn. Ó gé àdìrẹ àtijọ́ kan sí wẹ́wẹ́, ó fi ṣe ìró kékeré àti ọ̀já kékeré tó ba Tọ́lání mu, ó ní òun fún un ní aṣọ àgbàlagbà. Ohun tó máa pọ̀n, òun fúnra ẹ̀ ló máa wá a. Ọjọ́ kan, ìrọ̀rí ni. Ọjọ́ kejì, iṣu kékeré kan tí wọ́n rà fún oúnjẹ, ó gbé e sẹ́yìn, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Inú páálí yẹn, wọ́n tún kó àwọn nǹkan wọ̀nyí sí: ìwé àti kiréyọ̀nù tó nípọn, abọ́ àti ṣíbí oníke bíi mẹ́ta, ìwé alawòrán kan tí ewé ẹ̀ le. Èyí tí owó ẹ̀ kéré jù ló wá lágbára jù. Ìyá Tíṣà bèèrè fóònù bàbá Tọ́lání, ó wá fọ́tò ìsọmọlórúkọ Tọ́lání fúnra ẹ̀ jáde, ó ní kí afọ́tò tẹ mẹ́fà síta, kó fi ọ̀rá le wọn. Tọ́lání lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ojú dí. Tọ́lání nínú bàsíà, ó ń sunkún. Èmi náà wà nínú ọ̀kan, gèlè mi wọ́, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Tí Táíwò tàbí Kẹ́hìndé bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ìyá àgbà á gbé páálí wá sí ẹ̀gbẹ́ ìyá ọmọ, Tọ́lání á ṣí i. Nǹkan méjì péré ló máa wà nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn yòókù wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á pààrọ̀ wọn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n má bàa sú u. Tí ọmú bá tán, páálí á padé. Kò gbọ́dọ̀ ṣí nígbà mìíràn rárá. Bí ìyá ẹ̀ bá ti ń fún àwọn méjì yẹn lọ́mú, á máa sọ ìtàn fọ́tò fún un: “Ọjọ́ tí a sọ ẹ́ lórúkọ, òjò rọ̀, bàbá ẹ lọ yá tàpólì. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ mí di ìyá.” Ọmọ á ní kó tún un sọ. Á tún un sọ. Ọwọ́ ìyá wà lára ìbejì, ohùn ẹ̀ wà lọ́dọ̀ Tọ́lání.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo gbọ́ ọ láti ìta. Tọ́lání ń bèèrè lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ pé, “Màámi, ṣé ebi ò tíì pa Táíwò ni?” Ọmọ tó fẹ́ tà á fún mi níjọ́sí!

Kì í ṣe pé kò sí ìdíwọ́. Àǹtí Abẹ́òkúta, ẹ dákun ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, ó gbé páálí náà fún ọmọ lọ́sàn-án gangan kó lè sùn ní àlàáfíà. Tọ́lání ṣeré títí ó fi sú u. Nígbà tí ọmú dé lálẹ́, ó wo páálí, ó ní òun ò fẹ́, ó bú sẹ́kún. Ìgbà kan tún wà tí ó ti rẹ ìyá ẹ̀, ó ní, “Gbé páálí ẹ, lọ ṣeré ní pálọ̀.” Ọmọ dé pálọ̀, ó padà lójú ẹsẹ̀, ẹkún ní ojú. Ìyá Tíṣà ní ẹ̀gbẹ́ itan yẹn gan-an ni ẹ̀bùn, páálí kàn ń tẹ̀lé e ni. Ìtọ̀ orí ẹní náà kò tán bọ̀rọ̀, ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀bùn kì í ṣe oògùn. Ìyá Tíṣà sì ti sọ fún wọn pé tí ọmọ ò bá jẹun mọ́, tàbí tó bá ń ṣe àwọn ìkókó léṣe tí kò dáwọ́ dúró, kí wọ́n gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka ìlera, kí wọ́n má jókòó máa ra nǹkan.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ti Bọ̀lájí. Wọ́n ní kí ẹ̀bùn kan wá látọ̀dọ̀ ìbejì fúnra wọn, kí ọmọ lè mọ̀ pé àwọn àbúrò òun rí òun. Tọ́lání gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, sálúbàtà tuntun ni, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Táíwò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Kẹ́hìndé, ó kúnlẹ̀ fún wọn. Bọ̀lájí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, ọmọ ọdún méje, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Ibo ni wọ́n ti rówó? Aṣọ wọn ò lápò.” A ò rí èsì fún un. Ní ọdún mẹ́ta, ní ọdún mẹ́rin, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ wọn. Tó bá ti tó ọdún mẹ́fà sókè, ẹ má tan ọmọ jẹ. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ rà á, àti ìdí tí ẹ fi rà á. Irú Bọ̀lájí yẹn, ohun tí ó fẹ́ ni kí bàbá mú òun nìkan jáde, kó jẹ́ pé òun ló máa yan fìlà tí ìkókó máa dé. Ẹ fi méjì hàn án, kó mú ọ̀kan. Tí ẹ bá ní kó yan nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ á ṣú mọ́ gbogbo wa lórí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn sí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ kẹjọ. Oyin wà, iyọ̀ wà, obì, orógbó, ataare, omi. Nígbà tó kan oyin, nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa ní rárá o, ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún kan kì í lá oyin, kòkòrò àrùn kan lè wà nínú ẹ̀ tí ikùn ìkókó ò lè ṣẹ́gun, tó ń sọ gbogbo ara wọn di jọ̀bọ̀tọ̀. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìsọmọlórúkọ tí kò ní oyin? Ìyá àgbà ló là á. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n wọn dà? Òun ni kó lá a fún wọn.” Wọ́n pe Tọ́lání síwájú, wọ́n fi oyin sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan fún Táíwò. Wọ́n tún fi sí i lẹ́ẹ̀kan fún Kẹ́hìndé. Ọmọ náà wo gbogbo agbolé, ó ní, “Tèmi ńkọ́?” Wọ́n fún un ní ẹ̀kẹta. Mo fi Olúwa búra, nínú gbogbo ohun tí wọ́n rà fún ọmọ yẹn, kò sí èyí tó bá oyin yẹn dọ́gba, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ìyá àgbà ò dákẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò tún bẹ̀rẹ̀ Ìyá Ìbejì, Ìyá Ìbejì, ó dìde, ó ní lágbolé yìí o, Ìyá Tọ́lání lorúkọ ọmọ òun, ẹni tó bá fẹ́ pe ìbejì kó lọ dúró síbi tí ìbejì sùn sí kó pè wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá gbàgbé, Tọ́lání fúnra ẹ̀ ló ń tún un ṣe fún un.

Èmi náà ti tún ṣọ́ọ̀bù mi tò. Agbọ̀n kan wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, kiréyọ̀nù tó nípọn, ìwé alawòrán, sálúbàtà ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, ìró àdìrẹ kékeré tí mo ń rán fúnra mi. Ẹni tó bá gbé nǹkan méjì wá fún ìbejì kó sanwó ẹ̀, màá kọ́kọ́ bi í pé ọmọ mélòó ló wà nílé. Wọ́n ní olójúkòkòrò ni mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá kí wọn, ẹ má gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹ gba iwájú mi. Ẹ kí Tọ́lání kí ẹ tó kí àwọn tó sùn, ẹ pe ìyá ẹ̀ ní Ìyá Tọ́lání, kí ẹ sì ra nǹkan mẹ́ta. Aago méje ni mo ń ṣí. Mi ò ta àwìn.